Ìṣòro Méjì Tí A Pè Ní Ọ̀kan

Sí Olóòtú,

Àyẹ̀wò yín lórí Dwarf Fortress, eré ọgbọ́n orí kọ̀ǹpútà tí a ti ń darí àwọn aràrá láti gbẹ́ ibùgbé sínú òkè, gbà pé eré náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó gé máàkì rẹ̀ nítorí pé ó ṣòro láti kọ́, bí ẹni pé irú ìṣòro kan ṣoṣo ló wà.

Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Tarn àti Zach Adams gbé e jáde ní 2006, lẹ́tà àti àmì lásán ló dúró fún aràrá, òkúta àti omi, kíbọ́ọ̀dù ni a sì fi ń pàṣẹ. Ìṣòro ojú eré nìyẹn, èyíinì ni ohun tí a ń wò tí a sì ń tẹ̀ kí àṣẹ tó wọlé. Ẹ̀dà 2022 tí wọ́n ń tà mú àwòrán àti máòsì wá, ìṣòro yẹn sì dínkù (kò tán o), síbẹ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ tí aràrá gbẹ́ kàn ṣì lè ya bo ibùgbé. Ìṣòro kejì yìí ni ìjìnlẹ̀, nítorí ẹni tó pàdánù lè tọpa àṣìṣe dé ibi tí ó ti pàṣẹ gbígbẹ́. Ìṣòro àkọ́kọ́ nìkan ló yẹ kí alárìíwísí torí rẹ̀ gé máàkì.