Ta Ló Fẹ́ Wọ Bùbá Méje Àbọ̀?

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ gba ṣòkòtò mi ní ìsọ̀ bàbá kan tó ń ránṣọ ní àdúgbò wa. Ṣòkòtò ò tíì jáde. Wọ́n ní kí n má bínú, ọdún Iléyá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn sì ń ṣírò ohun tí àwọn máa rán fún títà. Ẹ̀yìn páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ni mo bá ní, "Bàbá, ẹ gbé e wá. Wọ́n kọ́ wa ní èyí níléèwé."

Láàárín ogún ìṣẹ́jú mo ti ya gíráàfù, mo ti kun ibi tó yẹ ní kíkùn, mo sì ti rí igun tó lérè jù. Mo fi gbogbo ẹnu sọ fún wọn pé: agbádá mẹ́ta, bùbá méje àbọ̀.

Bàbá wò mí títí. "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ wọ àbọ̀ bùbá?"

Mo ní kí wọ́n kúkú sọ ọ́ di mẹ́jọ. Wọ́n ní aṣọ ò ní tó. Mo tún un ṣírò, aṣọ ò tó lóòótọ́.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èrò mi ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní ìṣirò líníà pírógírámìnì, láti girama títí dé yunifásítì, máa ń dúró ní ibi tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí. A máa ń kọ ààlà, a máa ń kun gíráàfù, a máa ń dán igun wò, a ó sì fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó ń bi wá bóyá ohun tí à ń kà ṣeé gé sí méjì. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò bàbá fi ohun tí mò ń sọ hàn yín.

Yáàdì 60 ni aṣọ tí wọ́n rà. Agbádá kan pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá a rìn ń jẹ yáàdì 10. Bùbá kan pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ ń jẹ yáàdì 4. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù, wákàtí 8 ni wọ́n sì ń jókòó ti ẹ̀rọ lójúmọ́, ìyẹn wákàtí 48. Agbádá ń gba wákàtí 6, bùbá ń gba 4. Èrè orí agbádá kan jẹ́ náírà 10,000, ti bùbá sì jẹ́ náírà 4,500.

Ẹ jẹ́ ká fi x pe iye agbádá, ká fi y pe iye bùbá. Ààlà wa nìyí:

10x + 4y ≤ 60
6x + 4y ≤ 48
x ≥ 0, y ≥ 0

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ ń ṣì í. Bí ìbéèrè bá sọ̀rọ̀ agbádá tán kó tó kan bùbá, a máa ń kọ ohun tí agbádá ń jẹ sórí ìlà kan, yáàdì pẹ̀lú wákàtí, bíi 10x + 6y. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: ohun kan ṣoṣo ni ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa kà. Ìlà àkọ́kọ́, yáàdì ni gbogbo rẹ̀. Ìlà kejì, wákàtí ni gbogbo rẹ̀. Bí yáàdì bá dàpọ̀ mọ́ wákàtí, ẹ fà á ya.

Ó kan yíyà. Ìlà aṣọ gba (6, 0) àti (0, 15) kọjá. Ìlà wákàtí gba (8, 0) àti (0, 12) kọjá. Láti mọ apá tí a fẹ́, a ó fi (0, 0) dán ìkọ̀ọ̀kan wò: 0 kò ju 60 lọ, kò sì ju 48 lọ, nítorí náà apá tí (0, 0) wà la fẹ́. Àwọn olùkọ́ kan ní ká kun apá tí a fẹ́, àwọn mìíràn ní ká kun èyí tí a kò fẹ́. Èyí tó wù kí ẹ ṣe, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gíráàfù yín kí ẹni tó ń máàkì má baà ṣì yín lóye. Èmi kun apá tí mo fẹ́.

Igun mẹ́rin ló jáde. Ní (0, 0), a ò rán nǹkan kan. Ní (6, 0), èrè jẹ́ 60,000. Ní (0, 12), èrè jẹ́ 54,000. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni (3, 7.5), èrè ibẹ̀ sì jẹ́ 63,750. Òun ló ga jù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ igun yẹn? Ẹ gbé rúlà sórí ìlà tí èrè rẹ̀ jẹ́ 45,000, èyí tó gba (4.5, 0) àti (0, 10) kọjá, kí ẹ sì máa tì í síwájú láìyí i. Ibi tó ti máa fara kan ibi tí a kùn kẹ́yìn ni igun náà. Ẹ tún lè mọ̀ ọ́n láìlo rúlà. Aṣọ tí agbádá kan ń jẹ tó ti bùbá 2.5. Àkókò tó ń gbà tó ti bùbá 1.5. Èrè rẹ̀ sì tó ti bùbá 2.2 àti díẹ̀. Nítorí pé èrè bọ́ sí àárín méjèèjì, igun àárín ló borí. Ká ní èrè agbádá ju náírà 11,250 lọ, tí ti bùbá kò sì yí padà, (6, 0) ni ì bá borí, bàbá ì bá sì gbàgbé bùbá.

Gbogbo èyí ni mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ náà ni mo sì dúró.

Ìṣirò yìí gbà pé x àti y lè jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí. Bó bá jẹ́ epo pupa la fẹ́ wọ̀n, ìdajì lítà kì í ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n aṣọ fún títà ní ọjọ́ ọdún, odidi ni. Bí a bá sọ 7.5 di 8, yáàdì 62 àti wákàtí 50 la nílò. A ti kọjá ààlà méjèèjì. Bí a bá sọ ọ́ di 7, a dúró sínú ààlà, èrè sì di 61,500. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní làákàyè yóò kọ (3, 7), wọn yóò sì rò pé àwọn ti gbà á.

Wọn ò tíì gbà á. Ẹ wo (4, 5). Aṣọ: 40 + 20, yáàdì 60 gééré. Àkókò: 24 + 20, wákàtí 44. Èrè: 40,000 + 22,500, ó di 62,500. Ó fi náírà 1,000 ju ti (3, 7) lọ. Kò sì sí bí ẹ ṣe lè sọ 7.5 di odidi tí ẹ ó fi bá ara yín ní 5.

Báwo la ṣe lè rí i? Ẹ fi pẹ́ńsùlù to àmì síbi gbogbo tí odidi ti pàdé odidi nínú ibi tí ẹ kùn. Fún x kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 6, ẹ mú y tó ga jù tí ààlà gbà. Méje péré ni: (0, 12), (1, 10), (2, 9), (3, 7), (4, 5), (5, 2), (6, 0). Èrè wọn tẹ̀ léra báyìí: 54,000, 55,000, 60,500, 61,500, 62,500, 59,000, 60,000. Igun náà ò sì ṣòfò. 63,750 rẹ̀ ni òrùlé tí odidi kankan ò lè kọjá, òun ló ń sọ fún wa bí 62,500 ṣe súnmọ́ òkè tó.

Bí nǹkan tí à ń kà bá pọ̀, a ò lè to àmì mọ́. Ọ̀nà tí George Dantzig gbé jáde ní 1947 ń rìn láti igun dé igun, odidi kò sì kàn án. Nígbà tó di 1960, Ailsa Land àti Alison Doig kọ̀wé nípa ọ̀nà mìíràn: bí igun bá mú 7.5 wá, ẹ pín ibi tí ẹ kùn sí méjì, apá kan tí y kò ju 7 lọ, apá kejì tí y kò dín ní 8, kí ẹ sì wá igun tuntun nínú ìkọ̀ọ̀kan. Àárín 7 sí 8 tí ẹ gé dànù, kò sí aṣọ kankan níbẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ìdánwò ò ní àyè fún gbogbo èyí, pé àwọn olùkọ́ ń yan nọ́ńbà tó máa mú igun bọ́ sórí odidi. Òótọ́ ni, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn. Wọ́n ti se ìbéèrè náà tán kí wọ́n tó gbé e fún wa, bẹ́ẹ̀ ọjà kì í se tirẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé àbọ̀ bùbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n parí rẹ̀. Òun náà jàre, bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Bí bàbá bá ń rí yáàdì 60 àti wákàtí 48 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lọ́sẹ̀ méjì wọ́n lè rán agbádá 6 àti bùbá 15, èrè á sì jẹ́ 127,500. Bí wọ́n bá rán (4, 5) lẹ́ẹ̀mejì, 125,000 ni. Igun tún borí! Nítorí náà, kì í ṣe gíráàfù ló ń pinnu, ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè ni: ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí ó ń bá a lọ?

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí àwọn olùkọ́ wa fi ìbéèrè kan tí igun rẹ̀ kì í ṣe odidi sínú iṣẹ́ sáà kọ̀ọ̀kan. Kí àwa náà sì máa kọ ohun tí x àti y ń kà sórí ìlà àkọ́kọ́, àti bóyá ó ṣeé gé. Lórí ìlà ìkẹyìn, ká dá ìdáhùn wa padà sínú ààlà, ká wò ó bóyá aṣọ tó.

Mo padà sí ìsọ̀ bàbá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú agbádá mẹ́rin, bùbá márùn-ún. Wọ́n kà á lórí ìka, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó ku wákàtí mẹ́rin. Inú wákàtí mẹ́rin yẹn ni wọ́n ti parí ṣòkòtò mi.