Àwa Fúnra Wa La Sọ Mònópólì Di Eré Àṣemọ́jú

Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì la tẹ́ pátákó Mònópólì sílẹ̀ ní yàrá wa. Nígbà tó fi di aago kan òru, kò tíì sí ẹni tó wọko gbèsè nínú àwa mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹni tó ṣe eré yìí kò fẹ́ kí èèyàn sùn. Mo ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, ẹ̀bi wa ni. Àṣà méjì tí a fi rọ́pò òfin ló ń fa eré náà gùn.

Àkọ́kọ́ ni owó ìtanràn. Nínú ìwé òfin, báńkì ló ni owó orí àti ìtanràn, ẹni tó bá sì balẹ̀ sí Fíríì Pákìn kò gba kọ́bọ̀. Àwa ń kó owó náà sí àárín pátákó, ẹni tó bá débẹ̀ a sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí ẹni mẹ́rin bá ní dọ́là 1,500 lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, 6,000 ni gbogbo rẹ̀. Iye owó dúkìá méjìdínlọ́gbọ̀n tó wà lórí pátákó sì jẹ́ 5,690. Ẹ rí i pé ọ̀wọ́n owó ni wọ́n fi ṣe eré náà. Ẹni tó bá yí pátákó ká ń gba 200 lọ́wọ́ báńkì, owó orí sì wà lára ohun tó ń dá a padà. Bí kò bá padà mọ́, owó á kàn máa pọ̀ sí i lọ́wọ́ wa ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi balẹ̀ sórí ilẹ̀ mi aláwọ̀ ọsàn, ní Níú Yọ́ọ̀kì, tí mo kọ́ ilé mẹ́ta sí. Owó ilé jẹ́ 600. Ó ti fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ dógò, 250 nìkan ni ì bá ní. Ṣùgbọ́n ó ti kó 450 láàárín pátákó nígbà tó yípo ṣáájú. Ó san 600, ó ku 100, ó ń bá eré lọ.

Èkejì ni gbàǹjo. Òfin ní bí ẹni tó balẹ̀ sórí ilẹ̀ kò bá rà á, kí báńkì lù ú ní gbàǹjo lójú ẹsẹ̀. Òun náà sì lè dá sí i. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè kan ṣófo fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ní méjì yòókù, n kò sì lè kọ́lé láìní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní a lù ú ní gbàǹjo ni, bí n kò bá tiẹ̀ rí i rà, ẹnì kan á ti ni ín, mo sì lè bá a dúnàádúrà.

Àwọn kan ní owó àárín ń ṣàánú ẹni tó ń rì. Àmọ́ dáìsì kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ẹni tó ti là náà ń kó o. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ìwé òfin ni kí a lò. Bí a bá sì fẹ́ fi àṣà kan kún un, kí a dá aago mẹ́wàá, kí a ka owó àti dúkìá, kí a sì lọ sùn.