Bí A Ṣe Ń Béèrè Iṣẹ́ Padà Lọ́wọ́ Ọ̀gá Àná

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kutọnu tàbí ní Àjàṣẹ́, kì í ṣe nítorí ìjà, bí kò ṣe nítorí àìsàn òbí, ọmọ bíbí, tàbí iṣẹ́ mìíràn tó dà bí ẹni pé ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkàn ń fà wọ́n padà, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti béèrè. Àwọn mìíràn kò jẹ́ kí ojú tì wọ́n, wọ́n sì béèrè lọ́nà tí kò dára. Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ṣe lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á fi baba ọmọ mẹ́ta kan ṣe àpẹẹrẹ. Òun ló ń tọ́jú ilé ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan ní Kutọnu láti ọdún 2014 títí di ọdún 2021. Nígbà tí àìsàn dá baba rẹ̀ wólẹ̀ ní Pọ̀bẹ̀, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ó sì lọ tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2024, baba náà kú. Nísinsìnyí ó ń bá oníṣọ̀ọ̀bù kan ṣiṣẹ́ ní Pọ̀bẹ̀, ó sì fẹ́ padà sí Kutọnu.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ó wò ni bóyá lóòótọ́ ni ó lọ pẹ̀lú àlàáfíà. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ tó ń lọ nìkan. Ṣé ó ṣiṣẹ́ oṣù kan tí ìwé àdéhùn rẹ̀ sọ pé kí ó fi kìlọ̀ pé òun ń lọ? Ṣé wọ́n jọ ka ẹrù inú ilé náà tán, tí òun àti ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé? Ṣé kò sí owó tó yá tí kò tíì san? Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ṣì wà nílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ parí rẹ̀. Ẹni tí kò parí ìṣirò àtijọ́, ìṣirò náà ni wọn yóò kọ́kọ́ mú jáde bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun kejì ni pé kí ó mọ ohun tí ó ń béèrè. Iṣẹ́ àtijọ́ kò sùn dè é. Òfin kò fi dandan mú ọ̀gá láti gba ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ̀wé lọ padà. Àdéhùn tuntun ni wọn yóò ṣe, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ẹlòmíràn sì ti wà lórí ìjókòó rẹ̀, bóyá ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ béèrè pé kí wọ́n dá ipò òun padà fún òun, nítorí ìyẹn dà bí pé ó ń lé ẹlòmíràn kúrò. Ohun tí yóò béèrè ni bóyá àyè kan wà, tàbí bóyá àyè yóò wà.

Ta ni yóò bá sọ̀rọ̀? Ẹni tó rí iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, ìyẹn ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀ tààrà. Kò ní fò ó kọjá lọ bá dírẹ́tọ̀, kò sì ní rán àna tàbí ọ̀rẹ́ sí i. Kì í ṣe níbi òkú sínsin ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Kí ó pè é lórí fóònù lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ó sì sọ̀rọ̀ níwọ̀nba: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi tí mo tọ́jú ilé ẹrù títí di ọdún 2021 ni. Mo ń ronú láti padà sí Kutọnu. Ṣé mo lè kọ ìwé kékeré kan sí yín?” Ìbéèrè yìí rọrùn láti dáhùn, kò sì ti ọ̀gá mọ́ ògiri. Àwọn àgbà wa sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ìwé náà kò ní ju ìdajì ojú-ewé lọ. Yóò sọ ọdún tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ipò tó wà, ìdí tó fi lọ, ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà náà, àti pé òun fẹ́ kí wọ́n jọ jókòó sọ̀rọ̀. Ìdí tó bá kọ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé ìfisílẹ̀ rẹ̀ mu, nítorí ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Kí ó fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tí wọ́n fún un nígbà tó ń lọ sínú rẹ̀. Kò ní kọ ọ̀rọ̀ ebi tàbí owó ilé-ìwé ọmọ síbẹ̀, kò ní bú oníṣọ̀ọ̀bù Pọ̀bẹ̀, kò sì ní dá iye owó.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sí èsì, kí ó rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó dákẹ́.

Ká ní wọ́n pè é. Ìbéèrè tó dájú pé wọn yóò bi í ni: “Ṣé o kò tún ní lọ?” Kí ó dáhùn pẹ̀lú ohun tó ti yí padà: baba tó lọ tọ́jú ti kú, àwọn ọmọ ti dàgbà díẹ̀. Ìlérí lásán kò tó.

Ká ní ọ̀gá wá sọ pé ipò àtijọ́ kò sí, ṣùgbọ́n wọ́n nílò igbá-kejì, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ 95 000 fráǹkì. Oníṣọ̀ọ̀bù ń san 70 000. Kí inú rẹ̀ má tíì dùn jù. Ní Pọ̀bẹ̀, ilé baba rẹ̀ ló ń gbé. Ní Kutọnu yóò san 15 000 fún yàrá àti 12 000 fún ọkọ̀. Ohun tó kù jẹ́ 68 000, ó dín sí ti Pọ̀bẹ̀. Àmọ́ oníṣọ̀ọ̀bù kò kọ orúkọ rẹ̀ sí káìsì ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, ilé iṣẹ́ náà sì ń kọ ọ́. Àwọn oṣù àtijọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lórí nọ́ńbà kan náà. Kí ó mú nọ́ńbà yẹn lọ, kí ó má gba tuntun. Ohun tí yóò rò nìyí pẹ̀lú aya rẹ̀, kí ó sì tọrọ ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn.

Bí yóò bá gbà, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: bí ìgbà ìdánwò yóò ti gùn tó, bóyá owó yóò gòkè lẹ́yìn rẹ̀, àti bóyá wọn yóò ka ọdún méje àtijọ́ mọ́ ọjọ́-pípẹ́ rẹ̀. Ọdún wọ̀nyí kì í sábà wọlé fúnra wọn. Bí ọ̀gá bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Títí ìwé àdéhùn yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí, kí ó má fi ṣọ̀ọ̀bù sílẹ̀, kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jà. Bí ó bá tó àkókò láti lọ, kí ó kìlọ̀ fún oníṣọ̀ọ̀bù ní àkókò tó yẹ, kí ó ka ọjà lé e lọ́wọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní Kutọnu.